Páálí Méjì, Oògùn Kan: Bí A Ṣe Ń Ka Orúkọ Ara Oògùn Tó Ti Òkè Òkun Dé

[Àwòrán: páálí Doliprane àti ike Tylenol lórí tábìlì]

Ẹ wo oògùn méjì tó wà níwájú yín yìí. Ilẹ̀ Faransé ni ọ̀kan ti wá, Doliprane 1000 mg ni wọ́n kọ sí i lára. Èkejì ti Amẹ́ríkà wá, Tylenol Extra Strength ni tirẹ̀. Àwọ̀ wọn ò jọra, èdè tí wọ́n fi kọ ọ̀rọ̀ ara wọn ò jọra, ilé-iṣẹ́ tó ṣe wọ́n náà yàtọ̀. Síbẹ̀, oògùn kan náà ló wà nínú méjèèjì. Ẹni tí kò bá mọ̀, tó wá ń lò wọ́n pọ̀, lè ba ẹ̀dọ̀ ara rẹ̀ jẹ́, kódà bí kò bá lò ju iye hóró tí wọ́n kọ sára ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn lọ.

Orúkọ méjì ló máa ń wà lára oògùn. Èyí tí wọ́n kọ gàdàgbà ni orúkọ ìtajà. Ilé-iṣẹ́ tó ń ta oògùn ló fún un lórúkọ yẹn, òun ló sì ni ín. Ẹ ó sábà rí àmì ® tàbí ™ kékeré lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Èkejì ni orúkọ èròjà, ìyẹn orúkọ ohun tó ń ṣiṣẹ́ gan-an nínú oògùn náà. Ẹ fi orúkọ ìtajà wé ìnagijẹ, kí ẹ fi orúkọ èròjà wé orúkọ àbísọ. Àjọ Ìlera Àgbáyé ló ń mójú tó orúkọ èròjà, láti ọdún 1953 ni wọ́n sì ti ń tẹ àkójọ rẹ̀ jáde, kó lè jẹ́ pé nǹkan kan náà ni dókítà àti apoògùn ń sọ níbikíbi tí wọ́n bá wà.

[Àwòrán: a sún mọ́ ẹ̀gbẹ́ ike Tylenol]

Lẹ́tà orúkọ èròjà máa ń kéré. Ẹ wá a lábẹ́ orúkọ ńlá, tàbí nítòsí iye mg. Lára oògùn orí àtẹ láti Amẹ́ríkà, ẹ ó rí àpótí kan tí wọ́n pè ní Drug Facts. Ìlà àkọ́kọ́ nínú rẹ̀ ni Active ingredient. Lára páálí Doliprane, abẹ́ orúkọ rẹ̀ níwájú ló wà: paracétamol. Lára ike Tylenol yìí ńkọ́? Acetaminophen ni wọ́n kọ.

Ibí yìí lọ̀rọ̀ ti ń dojú rú. Ẹni tó ka orúkọ èròjà pàápàá lè rò pé oògùn ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni. Paracetamol àti acetaminophen, ọ̀kan ṣoṣo ni. Amẹ́ríkà ní àkójọ orúkọ tirẹ̀, ó sì bá ti àgbáyé mu fún ọ̀pọ̀ oògùn, ṣùgbọ́n àwọn díẹ̀ yàtọ̀. Oògùn ikọ́ fée tí wọ́n ń fà símú, tí gbogbo ayé mọ̀ sí salbutamol, albuterol ni Amẹ́ríkà ń pè é. Glibenclamide tí àwọn alátọ̀gbẹ ń lò ń jẹ́ glyburide lọ́hùn-ún. Kò sí bí èèyàn ṣe lè wo lẹ́tà wọn kó mọ̀ pé ọ̀kan náà ni wọ́n. Ẹni tí wọ́n bá fi oògùn ránṣẹ́ sí láti Amẹ́ríkà gbọ́dọ̀ bi apoògùn.

Ẹ jẹ́ ká ṣe ìṣirò rẹ̀ wò. Orí ń fọ́ àgbàlagbà kan, ara rẹ̀ sì gbóná. Ó lo hóró Doliprane kan láàárọ̀, 1000 mg nìyẹn. Bó bá lo hóró mẹ́ta lóòjọ́, ó di 3000 mg, kò sì tíì ré kọjá ohun tí páálí sọ. Lẹ́yìn wákàtí méjì, orí ò tíì fi í sílẹ̀, ló bá kó hóró Tylenol méjì sẹ́nu. 500 mg ni hóró kan, méjèèjì jẹ́ 1000 mg. Ike Tylenol sọ pé kó má lò ju hóró mẹ́fà lọ láàárín wákàtí 24, 3000 mg mìíràn nìyẹn. Bó bá lo méjèèjì dé iye yẹn, kò ré kọjá iye hóró tí páálí sọ, kò ré kọjá ti ike, ó sì ti gbé 6000 mg mì lọ́jọ́ kan. Bẹ́ẹ̀, 4000 mg ni òpin fún àgbàlagbà tí ara rẹ̀ dá, ó sì yẹ kí wákàtí mẹ́rin ó kéré tán wà láàárín lílò kan àti èkejì. Ẹni tí kò sanra rárá, ẹni tó ń mutí gan-an, tàbí ẹni tí ẹ̀dọ̀ rẹ̀ kò dá ṣáṣá kò gbọ́dọ̀ dé òpin yẹn.

Èyí tó tún ń dẹ́rù bà mí jù ni oògùn ọ̀fìnkìn. Ẹni tó rà á rò pé oògùn ikun imú lásán ni, nígbà tó jẹ́ pé ọ̀pọ̀ wọn ní paracetamol nínú pẹ̀lú àwọn èròjà mìíràn. Ẹ ka gbogbo èròjà tí wọ́n tò sẹ́gbẹ̀ẹ́ páálí, ẹ má dúró lórí ẹyọ kan. Bí ẹ bá rí APAP lára ike oògùn láti Amẹ́ríkà, òun náà ni.

Ẹ̀dọ̀ ló ń fọ́ oògùn yìí sí wẹ́wẹ́. Bó ti ń ṣe bẹ́ẹ̀, májèlé díẹ̀ máa ń jáde, ara sì ní ohun tó fi ń pa oró rẹ̀. Bí oògùn bá pọ̀ jù, ohun ìparó yẹn á tán, májèlé á wá kọjú sí ẹ̀dọ̀. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ó lè má ju kí inú máa rìn wọ́n lọ, ẹlòmíràn kì í tilẹ̀ mọ nǹkan kan. Kó tó di pé ìhà ọ̀tún ń ro wọ́n, tí ojú ń pọ́n ràkọ̀ràkọ̀, ó ti pẹ́. Oògùn tó ń gba ẹ̀dọ̀ là wà, acetylcysteine ni, ó sì máa ń ṣiṣẹ́ jù bí aláìsàn bá rí i gbà láàárín wákàtí mẹ́jọ. Nítorí náà, ẹni tó bá ṣírò tirẹ̀ tó rí i pé ó ti kọjá òpin, kó gba ilé ìwòsàn lọ lójú ẹsẹ̀, kó sì kó àwọn páálí náà dání.

[Àwòrán: Flomax, Amẹ́ríkà lápá òsì, Ítálì lápá ọ̀tún]

Òdìkejì rẹ̀ náà wà: orúkọ ìtajà kan, oògùn méjì. Flomax ní Amẹ́ríkà ní tamsulosin nínú, fún àwọn ọkùnrin tí ìtọ̀ kò yá lára wọn mọ́. Flomax ní Ítálì, morniflumate ni, oògùn ara ríro àti ara wíwú. Lọ́dún 2006, àjọ tó ń ṣàkóso oògùn ní Amẹ́ríkà, FDA, kéde ìkìlọ̀ lórí irú ọ̀rọ̀ yìí. Ìdí nìyí tí kò fi dáa kéèyàn máa fi orúkọ ìtajà nìkan ránṣẹ́ sí ará ilé tó wà lókè òkun.

Ẹ fi àwòrán ẹ̀gbẹ́ páálí ránṣẹ́, níbi tí orúkọ èròjà àti iye mg ti hàn ketekete. Bí lẹ́tà bíi XR tàbí SR bá tẹ̀lé orúkọ, ẹ kọ ọ́ mọ́ ọn, torí oògùn tó ń tú díẹ̀díẹ̀ sínú ara nìyẹn, ẹ kò sì lè fi èyí tó ń tú lẹ́ẹ̀kan náà rọ́pò rẹ̀. Ẹni tó ń lo oògùn wárápá, levothyroxine tàbí warfarin kò gbọ́dọ̀ pààrọ̀ páálí kan sí òmíràn láìjẹ́ pé dókítà rẹ̀ mọ̀, bí orúkọ èròjà tilẹ̀ bára mu. Fún oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru kan, iṣẹ́ tí ẹ ó jẹ́ kò ju báyìí lọ: «Amlodipine, 5 mg, hóró, ẹ̀ẹ̀kan lójúmọ́.»