Ìwọ̀n ọ̀run: èwo ló yẹ kó wúwo?

Ẹ kú ìkàlẹ̀ o, ẹ̀yin ènìyàn mi. Òṣogbo la wà, Òkè-Fìà ni mo ti ń bá yín sọ̀rọ̀. Ó dá mi lójú pé ẹ ti rí àwòrán kan rí lórí fóònù yín: ìwọ̀n ńlá dúró láàárín, ọkàn ènìyàn wà nínú àwo kan, ìyẹ́ ẹyẹ wà nínú èkejì, ẹranko abàmì kan sì ń ṣọ́ wọn. Ìdájọ́ òkú nìyẹn, lọ́dọ̀ àwọn ará Íjíbítì àtijọ́. Ibì kan ṣoṣo ni mo fẹ́ ká dúró sí lónìí, nítorí ibẹ̀ ni gbogbo ènìyàn ti máa ń ṣì í.

Wọ́n á ní, "Bí ọkàn òkú bá fúyẹ́ ju ìyẹ́ lọ, ó yè. Bí ó bá wúwo jù ú lọ, ó gbé." Mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu olùkọ́, mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu oníwàásù, mo ti kà á lábẹ́ àwòrán náà gan-an. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbàgbé rẹ̀! Kì í ṣe fífúyẹ́ ni wọ́n ń wá. Ẹ jẹ́ kí n tún un wí kó wọlé: KÌ Í ṢE FÍFÚYẸ́. Dídọ́gba ni. Ọ̀pá ìwọ̀n gbọ́dọ̀ dúró gbọọrọ, kí àwo méjèèjì wà ní ọ̀gbọọgba.

Alágbẹ̀dẹ wúrà kan wà ní Ìsàlẹ̀-Ọ̀ṣun nígbà tí mo wà lọ́mọdé, mo máa ń dúró lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀ wò ó níṣẹ́. Ìwọ̀n alájọsọ ló ń lò, àwo kékeré méjì tí okùn gbé rọ̀. Yóò fi irin òṣùwọ̀n sínú àwo kan, yóò fi wúrà oníbàárà sínú èkejì, yóò sì mú ojú lé ọ̀pá náà láìmí. Bí wúrà bá fúyẹ́ ju irin lọ, ṣé oníbàárà yóò yọ̀? Yóò pariwo pé ẹnìkan ti jẹ nínú wúrà òun ni! Bí ọ̀rọ̀ ìyẹ́ náà ṣe rí nìyẹn. Ìyẹ́ ni irin òṣùwọ̀n. Ìyẹ́ ògòǹgò ni, òun sì ni àmì Máàtì, òrìṣà obìnrin tó dúró fún òtítọ́, ẹ̀tọ́ àti bí ayé ṣe yẹ kó tò. Ohun tí wọ́n ń bi ọkàn ni pé, "Ṣé o bá òtítọ́ mu?" Ẹni tó bá òtítọ́ mu kò lè fúyẹ́ jù ú lọ, kò sì lè wúwo jù ú lọ.

Ó yé wa báyìí? Ó dáa. Ẹ jẹ́ ká wá mú òkú kan pàtó.

Orúkọ rẹ̀ ni Ání. Akọ̀wé ọba ni, Tútù ni orúkọ ìyàwó rẹ̀. Ní nǹkan bí ọdún 1250 kí wọ́n tó bí Jésù ni wọ́n ṣe ìwé òkú fún un lórí pápírọ́ọ̀sì, ìwé tí wọ́n ń fi ewéko odò ṣe. Nígbà tí ìwé náà wà ní odidi, ó gùn tó mítà mẹ́tàlélógún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ọdún 1888 ni wọ́n rà á fún British Museum, ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ńlá tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù, ibẹ̀ ló wà títí di òní.

Nínú àwòrán ìdájọ́ rẹ̀, Ání àti Tútù tẹríba wọlé láti apá òsì. Ọkàn Ání ti wà nínú àwo. Ánúbísì, tí orí rẹ̀ dà bí orí ajá igbó, kúnlẹ̀ sídìí ìwọ̀n. Kí ló ń ṣe níbẹ̀? Òjé kan so rọ̀ láàárín ọ̀pá ìwọ̀n, òjé yẹn ló ń fi hàn bóyá ọ̀pá náà dúró gbọọrọ tàbí ó tẹ̀. Òun ni Ánúbísì ń yẹ̀ wò. Ẹ wò ó, òrìṣà gan-an ni wọ́n fi ṣọ́ òjé! Lẹ́yìn rẹ̀ ni Tọ́ọ̀tì dúró, akọ̀wé àwọn òrìṣà, ó mú kálàmù dání láti kọ ohun tí ìwọ̀n bá sọ. Lẹ́yìn Tọ́ọ̀tì ni Ámítì wà, orí ọ̀nì, àyà kìnnìún, ìdí erinmi. Ọkàn tí kò bá bá ìyẹ́ dọ́gba, ó di oúnjẹ Ámítì. Kì í ṣe pé wọn yóò sun olúwarẹ̀ nínú iná títí láé o. Yóò kàn tán ni. Yóò kú lẹ́ẹ̀kejì, kò sì ní sí mọ́.

Ti Ání dọ́gba. Tọ́ọ̀tì kọ ọ́ pé ìwọ̀n ti fi hàn pé olódodo ni ọkàn rẹ̀, òrìṣà Hórúsì sì fà á lọ́wọ́ lọ síwájú Òsírísì, ọba àwọn òkú, tó jókòó lórí ìtẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ kó yà yín lẹ́nu pé ó yege. Ìwé tí wọ́n ṣe fún òkú kí ó bàa lè yege ni. Ta ni yóò san owó fún akọ̀wé kí ó ya òun sílẹ̀ níbi tí ọ̀nì ti ń jẹ òun?

Nínú irú ìwé bẹ́ẹ̀, òkú gbọ́dọ̀ sẹ́ ẹ̀ṣẹ̀ níwájú òrìṣà méjìlélógójì, kí ó máa pè wọ́n lórúkọ níkọ̀ọ̀kan. N kò jalè. N kò pànìyàn. N kò purọ́. Èyí tí mo fẹ́ràn jù wà nínú àwọn ọ̀rọ̀ tí òkú máa ń sọ kó tó kan àwọn méjìlélógójì yẹn: n kò fi kún òkúta ìwọ̀n, n kò yí òjé ìwọ̀n padà. Ẹ rí i bí? Lójú ìwọ̀n gan-an ni wọ́n ti ń bi í bóyá ó fi ìwọ̀n rẹ́ ẹlòmíràn jẹ láyé!

Ẹnu lè sẹ́, ọkàn ńkọ́? Ohun tó ń bà wọ́n lẹ́rù nìyí. Bí wọ́n bá ń tọ́jú òkú, wọn á yọ ọpọlọ, wọn á yọ ẹ̀dọ̀, ìfun àti ẹ̀dọ̀fóró, ṣùgbọ́n wọn á fi ọkàn sílẹ̀, nítorí ọkàn ló mọ gbogbo ohun tí èèyàn ṣe. Wọn á wá gbẹ́ òkúta ní àwòrán yímíyímí, wọn á gbé e lé òkú láyà, wọn á kọ ẹ̀bẹ̀ sí abẹ́ rẹ̀. Ọkàn ni ẹ̀bẹ̀ náà ń bẹ̀: ọkàn mi tí mo gbà lọ́wọ́ ìyá mi, má dìde jẹ́rìí takò mí, má ṣe ọ̀tá mi níwájú olùtọ́jú ìwọ̀n. Nígbà tí mo kọ́kọ́ ka ẹ̀bẹ̀ yẹn, mo gbé ìwé sílẹ̀ fún ìgbà díẹ̀. Ẹni tí ń bẹ ọkàn ara rẹ̀ pé kó má tú òun fó!

Ó dáa, ẹ jẹ́ ká yára díẹ̀. Lẹ́yìn ayé Ání, ó lé ní ẹgbẹ̀rún ọdún kan, nígbà tí Róòmù ti gba Íjíbítì, ohun tí wọ́n ń wọ̀n yí padà. Ìtàn ọmọ ọba kan wà tó ń jẹ́ Sẹ́tínà. Ó rí òkú olówó tí wọ́n ń fi ariwo ẹkún àti ọlá ńlá gbé lọ, ó sì rí òkú tálákà tí wọ́n fi ẹní wé, tí ẹnikẹ́ni kò tẹ̀lé. Ó ní ti olówó yìí mà dáa ju ti tálákà lọ o. Ọmọ rẹ̀, Siósírè, ní, "Bàbá, kí ó rí fún yín bí yóò ti rí fún tálákà yẹn." Inú bí bàbá. Ọmọ náà mú un dé ọ̀run. Tálákà wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ Òsírísì, aṣọ olówó wà lọ́rùn rẹ̀. Olówó ńkọ́? Ìdí ilẹ̀kùn ọ̀run, èyí tí ilẹ̀kùn fi ń yí, ni wọ́n rì bọ ojú rẹ̀ ọ̀tún. Níbẹ̀, iṣẹ́ rere ni wọ́n fi ń wọ̀n iṣẹ́ búburú. Ẹni tí ibi rẹ̀ pọ̀ jù, ó di ti ẹranko ajẹnirun. Ẹni tí rere rẹ̀ pọ̀ jù, ó bá àwọn òrìṣà jókòó. Ẹni tí méjèèjì dọ́gba, wọ́n fi í sáàárín àwọn ẹ̀mí tó ń sin Òsírísì. Ẹ ṣàkíyèsí: dídọ́gba tó jẹ́ ìyege pátápátá fún Ání ti di ipò àárín.

Ẹ̀yin Mùsùlùmí tó ń wò mí ti mọ ibi tí mo ń lọ. Nínú Àlùkùránì, Súrà 101, ẹni tí òṣùwọ̀n rẹ̀ bá WÚWO ló wà nínú ìgbádùn, ẹni tí òṣùwọ̀n rẹ̀ bá fúyẹ́ ló gbé. Iṣẹ́ rere ló ń fún un ní ìwúwo. Nínú Bíbélì náà, ìwé Dáníẹ́lì, wọ́n wọ̀n ọba Bábílónì, kò tó. Fífúyẹ́ ni ìparun rẹ̀. Ìdí nìyí tí inú fi ń bí mi bí wọ́n bá kó gbogbo rẹ̀ pọ̀ pé "ẹ̀ṣẹ̀ wúwo, olódodo fúyẹ́". Ẹ kọ́kọ́ béèrè pé KÍ NI WỌ́N FI SÍNÚ ÀWO, kí ẹ tó sọ pé èwo ló yẹ kó wúwo!

Àwa ńkọ́? Àwọn àgbà wa ní gbogbo ohun tí a bá ṣe láyé, la ó kúnlẹ̀ rò lọ́run. Wọn kò dárúkọ ìwọ̀n. Ẹjọ́ ni a ó rò, ẹnu ara ẹni la ó sì fi rò ó, lórí ìkúnlẹ̀, kí ọ̀nà tó yà sí ọ̀run rere tàbí ọ̀run àpáàdì. Bẹ́ẹ̀ lórí ìkúnlẹ̀ kan náà la ti yan ìpín wa ká tó wá sáyé: àkúnlẹ̀yàn. Ibi tí a ti gbé ìpín náà ni a ó padà sí láti wá sọ ohun tí a fi í ṣe.

Ẹ jẹ́ ká padà sínú àwòrán Ání wàyí, nítorí ohun kan wà níbẹ̀ tí mo rò pé ọmọ Yorùbá ni yóò tètè rí i. Lábẹ́ ọ̀pá ìwọ̀n, nítòsí àwo ọkàn, ọkùnrin kan dúró. Ṣáì ni orúkọ rẹ̀, òun ni ìpín. Òrìṣà obìnrin méjì wà lẹ́yìn rẹ̀, Mẹ́síkẹ́nẹ́tì tó ń wà níbi ìbímọ, àti Rẹnẹnútẹ́tì tó ń tọ́ ọmọ. Wọ́n tún ya bíríkì ìbímọ kan tó ní orí ènìyàn, irú èyí tí obìnrin Íjíbítì máa ń kúnlẹ̀ lé bí ó bá ń rọbí. Ẹ gbọ́ mi: àwọn tó wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n bí Ání ni wọ́n pè wá síbi ìwọ̀n rẹ̀! Àwọn tó ń pín àwòrán yìí kiri máa ń gé apá ibẹ̀ kúrò, kí ọ̀nì lè hàn dáadáa.

Ẹ wá odidi rẹ̀ fúnra yín. Ẹ tẹ `EA10470,3` síbi ìwákiri lórí ayélujára ilé ìṣẹ̀ǹbáyé náà. Ẹ má kọ́kọ́ wo Ámítì. Ẹ wo òjé tó wà lọ́wọ́ Ánúbísì, ẹ wo bí ọ̀pá ṣe dúró, lẹ́yìn náà kí ẹ wá Ṣáì sí apá òsì.