Ẹsẹ̀ Bàtà 6 Ni Wọ́n Ń Wá: Àtúnkọ Àkọlé àti Àlàyé Aṣọ Ibùsùn fún Àwọn Olùrà ní Táílàndì

Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ tí a ṣe fún àwọn atúmọ̀ èdè àti àwọn òǹtajà orí ayélujára, tí a tún kọ sílẹ̀ fún kíkà.

Ẹ kú ìkàlẹ̀ o, ẹ̀yin ènìyàn wa. Wọ́n ní kí n sọ̀rọ̀ lórí bí a ṣe ń tún àkọlé àti àlàyé ọjà kọ ní èdè Táì, kí ọjà náà lè yọ sí ojú ẹni tó ń wá a lórí Shopee tàbí Lazada, àwọn ilé ìtajà orí ayélujára ní Táílàndì. Ọjà kan ṣoṣo ni mo mú wá, aṣọ ibùsùn, nítorí pé kò sí ọjà tó tètè ń tú àṣírí ìtumọ̀ oréfèé bí i rẹ̀. Ohun tí mo sì fẹ́ sọ kò ju ọ̀kan lọ: orí ibùsùn ẹni tó fẹ́ rà ni àkọlé ọjà ti ń bẹ̀rẹ̀, kì í ṣe ara páálí tí ilé iṣẹ́ fi di ọjà náà.

Ẹ wo àkọlé yìí, irú èyí tí ẹ máa rí nígbà tí wọ́n bá kan da gbogbo ọjà ilé ìtajà kan sí èdè Táì lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo:

```
ชุดผ้าปูเตียงหรูหราขนาดคิง 4 ชิ้น ไมโครไฟเบอร์ นุ่มมาก
```

Ohun tó ń sọ ni pé àkójọ aṣọ ibùsùn olówó iyebíye ni, ìwọ̀n kíǹgì, ẹyọ 4, òwú máíkírófáíbà, ó rọ̀ gan-an. Ará Táílàndì tó bá kà á yóò gbọ́ ọ yé, gírámà rẹ̀ kò sì burú. Àwọn tó ń ṣe irú iṣẹ́ yìí máa ń sọ pé níwọ̀n ìgbà tí ó ti yéni, iṣẹ́ ti parí. N kò gbà fún wọn rárá. Ẹni tí ọjà kò tíì dé iwájú rẹ̀ kò ní àǹfààní láti kà á kó yé e, ohun tí olùrà fọwọ́ ara rẹ̀ tẹ̀ ló sì ń gbé ọjà dé iwájú rẹ̀.

Kí ni olùrà náà ń tẹ̀? Ní Táílàndì, ẹsẹ̀ bàtà ni wọ́n fi ń wọn ìbú ibùsùn. Ìwọ̀n mẹ́ta ló gbilẹ̀ lọ́jà wọn: 3.5 fún ẹni kan, 5, àti 6. Nítorí náà, `ผ้าปูที่นอน 6 ฟุต` ni olùrà ń kọ, ìyẹn aṣọ tí a ń tẹ́ sórí fóòmù, ẹsẹ̀ bàtà 6. Èyí kò yẹ kó ṣe ẹnikẹ́ni ní kàyéfì láàárín wa, nítorí ẹni tó bá lọ ra fóòmù n'Íbàdàn tàbí l'Ékòó, 6 báì 6 ló ń béèrè, kò mẹ́nu kan kíǹgì.

Ọ̀rọ̀ kíǹgì yìí tilẹ̀ léwu ju bí a ṣe rò lọ. Ibùsùn tí wọ́n ń pè ní kíǹgì ní Amẹ́ríkà fẹ̀ tó íǹṣì 76, nǹkan bí sẹ̀ǹtímítà 193. Ní Bírítéènì, sẹ̀ǹtímítà 150 ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀, èyí sì jẹ́ ìwọ̀n 5 ní Táílàndì. Ìwọ̀n 6 ti Táílàndì wà ní nǹkan bí 180. Bí ọjà rẹ bá ti ilé iṣẹ́ tó ń rán aṣọ fún àwọn ará Bírítéènì wá, tí o sì kọ ọ́ sí kíǹgì ní èdè Táì, ẹni tó ní ibùsùn ẹsẹ̀ bàtà 6 yóò rà á, aṣọ náà kò sì ní bo fóòmù rẹ̀. Bí ó bá jẹ́ ti Amẹ́ríkà, yóò tú lẹ́gbẹ̀ẹ́ méjèèjì. Nítorí èyí, kí a tó fọwọ́ kan ọ̀rọ̀ kankan, a ní láti fi téèpù wọn aṣọ náà, tàbí kí a béèrè iye sẹ̀ǹtímítà rẹ̀ gan-an lọ́wọ́ ilé iṣẹ́.

Lẹ́yìn ìwọ̀n ni orúkọ ọjà. `ผ้าปูเตียง` tó wà nínú àkọlé àkọ́kọ́ ń tọ́ka sí ibùsùn fúnra rẹ̀, ìyẹn igi tàbí irin tí a gbé fóòmù lé. `ผ้าปูที่นอน`, tó ń tọ́ka sí ibi tí a ń sùn lé, ni ẹnu ọjà mọ̀. Ẹ má gba ọ̀rọ̀ mi gbọ́ lásán. Ẹ ṣí Shopee ti Táílàndì, ẹ tẹ `ผ้าปู` sínú àpótí ìṣàwárí, kí ẹ má tíì tẹ bọ́tìnnì ìwá. Àwọn gbólóhùn tí yóò jábọ́ sábẹ́ rẹ̀ ti inú ohun tí àwọn ènìyàn ń wá jáde. Ẹ kọ wọ́n sílẹ̀ bí wọ́n ṣe wà. Lẹ́yìn náà, ẹ ka ìbéèrè àti ìdáhùn lábẹ́ àwọn ọjà tó ń tà dáadáa, nítorí pé àwọn olùrà ní Táílàndì fẹ́ràn láti bá òǹtajà sọ̀rọ̀ nínú àpótí ìfọ̀rọ̀wérọ̀ kí wọ́n tó sanwó. Ohun tí ẹni púpọ̀ bá ń béèrè níbẹ̀ ni àlàyé ọjà kùnà láti sọ.

Ẹ óò rí i pé wọ́n ń béèrè bóyá aṣọ náà ní rọ́bà ní igun, `รัดมุม`, àti bí fóòmù tó lè bò ṣe nípọn tó. Ìnípọn ni àwọn òǹtajà láti òkèèrè máa ń gbàgbé. Rọ́bà aṣọ tó yẹ fóòmù íǹṣì 10 yóò máa fò kúrò lára fóòmù íǹṣì 12 lóru, olùrà yóò sì fún ọjà náà ní ìràwọ̀ kan. Gbólóhùn kúkúrú kan ló ń dènà èyí: `สำหรับที่นอนสูงไม่เกิน 10 นิ้ว`, fún fóòmù tí kò ga ju íǹṣì 10 lọ. Ìlà méjì àkọ́kọ́ nínú àlàyé ni ó yẹ kó wà, nítorí orí fóònù ni wọ́n ti ń kà á, àwọn ìlà yòókù sì máa ń fara pamọ́ títí olùrà yóò fi tẹ̀ ẹ́.

Àkọlé wa tuntun nìyí:

```
ผ้าปูที่นอน 6 ฟุต รัดมุม สีพื้น พร้อมปลอกหมอน 2 ใบ ไมโครไฟเบอร์
```

Orúkọ ọjà ló ṣáájú, ìwọ̀n tẹ̀ lé e, lẹ́yìn náà rọ́bà igun, àwọ̀ kan láìsí àwòrán, àpò ìrọ̀rí 2, àti irú òwú. Ẹ kíyè sí àlàfo. Èdè Táì kì í fi àlàfo sáàárín ọ̀rọ̀ àti ọ̀rọ̀, àárín gbólóhùn ló ń fi í sí, ẹ̀rọ ìṣàwárí ló sì ní láti gé ọ̀rọ̀ fúnra rẹ̀. Àlàfo tí a bá fi sí ibi tí gbólóhùn ti parí ń ràn án lọ́wọ́, ṣùgbọ́n ẹni tó bá kọ `ผ้าปู ที่นอน` ti fọwọ́ ara rẹ̀ gé orúkọ ọjà sí méjì. Ọ̀rọ̀ tó ń yin ọjà, bí olówó iyebíye àti rírọ̀ gan-an, ti lọ, nítorí kò sí ẹni tó ń fi wọ́n wá aṣọ ibùsùn. Ọ̀fẹ́ ni ìfiránṣẹ́, `ส่งฟรี`, náà kò sí níbẹ̀. Ojú-ìwé ọjà ti ní ibi tó ń fi ìyẹn hàn, ẹni tó bá tún kó o sínú àkọlé ń fi ààyè ṣòfò.

Ààyè náà kò sì pọ̀ tó bí ojú ṣe rí i. Nínú èdè Táì, fáwẹ́lì orí àti ìsàlẹ̀ àti àmì ohùn ni kọ̀ǹpútà ń kà lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Ojú rí lẹ́tà kan ṣoṣo nínú `ที่`, ṣùgbọ́n ẹ̀rọ ka mẹ́ta. `ผ้าปูที่นอน` nìkan jẹ ààyè 11.

Ibi tí mo dé nìyí tí arábìnrin kan fi nawọ́. Wọ́n ní: "Ẹ jọ̀ọ́ sà, mo rí i pé púpọ̀ nínú àwọn ọjà tó wà lókè ń kọ `5 ชิ้น`, ẹyọ 5. Tiwa jẹ́ 4. Ṣé kí n kúkú kọ 5 kí wọ́n lè rí mi ni?"

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn, nítorí ìbéèrè yìí ṣe pàtàkì ju ohun tí mo fẹ́ sọ lórí àwọ̀ lọ, mo sì pa ọ̀rọ̀ àwọ̀ tì. Kí ni ẹyọ 5 yìí? Ní Táílàndì, àkójọ fún ìwọ̀n 5 àti 6 jẹ́ aṣọ fóòmù 1, àpò ìrọ̀rí 2, àti àpò 2 fún `หมอนข้าง`, ìrọ̀rí gbọọrọ tí wọ́n ń dì mọ́ra sùn. Ti ìwọ̀n 3.5 jẹ́ ẹyọ 3: ọ̀kan ọ̀kan. Ẹyọ 4 tí ilé iṣẹ́ òkèèrè dì jẹ́ aṣọ onírọ́bà, aṣọ pẹrẹsẹ tí a ń bò lé ara, àti àpò ìrọ̀rí 2. Olùrà tó wá ẹyọ 5 ń wá àpò fún ìrọ̀rí gbọọrọ rẹ̀, kò sì sí i nínú páálí yìí.

Màámi, ẹ má kọ 5. Èké ni, ọjà náà yóò sì padà wá. Ṣùgbọ́n ẹ má dúró lórí àkọlé. Ẹ lọ bá ilé iṣẹ́, kí wọ́n yọ aṣọ pẹrẹsẹ kúrò, kí wọ́n sì fi àpò ìrọ̀rí gbọọrọ 2 rọ́pò rẹ̀. Ní ọjọ́ tí wọ́n bá ṣe é, ẹ lè kọ `5 ชิ้น` pẹ̀lú ọkàn mímọ́. Kí ó tó di ìgbà náà, ẹ ka ohun tó wà nínú páálí lẹ́sẹẹsẹ nínú àlàyé, kí ẹ sì sọ ọ́ gbangba pé `ไม่มีปลอกหมอนข้าง`, kò sí àpò ìrọ̀rí gbọọrọ. Ohun tí mo ń sọ láti ìbẹ̀rẹ̀ náà nìyí: bí a bá tẹ̀ lé ìṣàwárí olùrà dé òpin, nígbà mìíràn yóò mú wa dé ẹ̀yìn ẹ̀rọ ìránṣọ.

Bákan náà ni `กันไรฝุ่น`, aṣọ tó ń dènà kòkòrò inú eruku. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ń wá a. Bí ilé iṣẹ́ kò bá ní ìwé àyẹ̀wò tó fi í hàn, ẹ má kọ ọ́, nítorí òfin ìdáàbòbò oníbàárà ti Táílàndì, ti ọdún 1979, kò fàyè gba ìpolówó èké.

Àkókò kò sí mọ́, n óò sáré sọ méjì. Àkọ́kọ́, lẹ́tà tó jọra. Àwọn kan máa ń tẹ `เ` lẹ́ẹ̀mejì dípò `แ`, ojú kò sì lè mọ̀ ọ́n yàtọ̀. Bẹ́ẹ̀ ni `ำ` tó wà nínú `สีดำ`, àwọ̀ dúdú, máa ń pín sí méjì bí a bá dà á kọ láti inú fáìlì PDF. Ẹni tó tẹ ọ̀rọ̀ náà dáadáa lè má rí ọjà yín. Ẹ fi ìlà Python yìí fọ àkọlé, èyí tí `t` dúró fún, kí ẹ tó gbé e sókè:

```python
t = t.replace("\u0e40\u0e40", "\u0e41").replace("\u0e4d\u0e32", "\u0e33")
```

Èkejì, bí a ṣe ń mọ̀ bóyá àtúnkọ ṣiṣẹ́. Ẹ yí àkọlé nìkan padà, ẹ má fọwọ́ kan iye owó àti àwòrán. Bí iye ìgbà tí ọjà yọ síta bá gòkè, tí iye àwọn tó tẹ̀ ẹ́ kò sì gòkè, ọ̀rọ̀ yín bá ìṣàwárí mu ṣùgbọ́n àwòrán tàbí owó kò bá a mu. Bí wọ́n bá ń tẹ̀ ẹ́ tí wọn kò rà, ẹ padà sí àlàyé, kí ẹ wo ìwọ̀n àti ìnípọn. Ẹ má sì fi ọ̀sẹ̀ tí 9.9, 11.11 tàbí 12.12, ìyẹn ọjọ́ 9 oṣù 9, ọjọ́ 11 oṣù 11 àti ọjọ́ 12 oṣù 12, bọ́ sí wé ọ̀sẹ̀ lásán, nítorí ẹ̀dínwó ọjọ́ wọ̀nyẹn ń gbé ọjà gbogbo sókè, àti èyí tí àkọlé rẹ̀ dára àti èyí tí kò dára.