Ọ̀pá Tàbí Àpótí? Bí A Ṣe Lè Ya Ìpín Ẹ̀ka Nínú Owó Ìṣúná

Ẹ kú ìjókòó o. Iṣẹ́ kan ṣoṣo ni mo fẹ́ ká jọ ṣe lónìí. Ẹ̀ka iṣẹ́ 24 ló pín owó ìṣúná kan. Èyí tó gbà jù gba 22%, èyí tó gbà kéré jù gba 0.3%. Méjì wà láàárín wọn tí ọ̀kan gba 6%, tí èkejì gba 5%. Ojú kọ̀ǹpútà tí a ó ya àwòrán sí fẹ̀ ní píkísẹ́lì 800, ó sì ga ní 480. Ṣé àtẹ ọ̀pá la ó yà, èyí tí ọ̀pọ̀ ń pè ní báà ṣáàtì, àbí tírímáàpù, ìyẹn àpótí ńlá kan tí a pín sí kéékèèké, tí ìtóbi àpótí kọ̀ọ̀kan dúró fún owó ẹ̀ka kan?

Tírímáàpù ló máa ń kọ́kọ́ wọ àwọn ènìyàn lójú, nítorí náà ẹ jẹ́ ká fi òun bẹ̀rẹ̀. Gbogbo ojú àwòrán wa jẹ́ píkísẹ́lì 384,000. Ẹ̀ka tó ní 6% yóò gba 23,040 nínú rẹ̀, ẹ̀ka tó ní 5% yóò gba 19,200. Kọ̀ǹpútà ń wá àyè tí yóò fi wọ́n sí, ó sì lè fún ti àkọ́kọ́ ní ìbú 96 àti gíga 240, kó fún èkejì ní ìbú 160 àti gíga 120. Ọ̀kan ga fíofío, èkejì sì sanra, ó kúrú. Èwo ló tóbi jù nínú wọn? Ojú lásán kò lè sọ.

Ẹnìkan lè ní ká kúkú sọ méjèèjì di onígun mẹ́rin tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ dọ́gba. Ó dáa. Ẹ̀gbẹ́ ti àkọ́kọ́ yóò jẹ́ nǹkan bíi 152, ti èkejì nǹkan bíi 139. Ẹ fiyè sí i: owó ẹ̀ka àkọ́kọ́ fi 20% ju ti èkejì lọ, ṣùgbọ́n ẹ̀gbẹ́ àpótí rẹ̀ kò fi tó 10% jù ú. Ìbú àti gíga ti pín ìyàtọ̀ náà mọ́ra wọn lọ́wọ́, ojú ẹni tó ń wò ó kò sì rí i tán.

Ẹ wá wo ọ̀pá. A fi píkísẹ́lì 250 sílẹ̀ lápá òsì fún orúkọ ẹ̀ka, 550 tó kù di ti ọ̀pá, 1% wá jẹ́ 25. Ọ̀pá 6% gùn ní 150, ọ̀pá 5% ní 125, orí ìlà kan náà ni àwọn méjèèjì sì ti bẹ̀rẹ̀. Lọ́dún 1984, William Cleveland àti Robert McGill tẹ àbájáde ìdánwò wọn jáde: àwọn ènìyàn máa ń díwọ̀n ohun tó wà lórí ìlà kan náà dáadáa ju bí wọ́n ṣe ń díwọ̀n ìtóbi ojú nǹkan lọ. Bí ọ̀pá kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú àlàfo rẹ̀ bá gba gíga 20, gbogbo ẹ̀ka 24 wọ 480 wa pé.

Ọ̀rọ̀ ẹ̀ka tó kéré jù ló ń dùn mí jù. Nínú tírímáàpù, 0.3% jẹ́ àpótí tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kò ju nǹkan bíi 34 lọ. Orúkọ ẹ̀ka kò lè wọ ibẹ̀, nítorí náà orúkọ náà á pòórá tàbí kó gé sí méjì. Lórí àtẹ ọ̀pá, kùkùté ọ̀pá náà kò gùn ju 7 tàbí 8 lọ, àmọ́ orúkọ rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ gbangba, gẹ́gẹ́ bíi ti èyí tó gba 22%.

Ẹ tò wọ́n láti orí èyí tó gùn jù. Ẹ má ṣe tẹ̀ lé ábídí. Òdo sì ni kí ìlà ti bẹ̀rẹ̀. Bí ẹ bá bẹ̀rẹ̀ láti 4%, ọ̀pá 6% yóò gùn ní ìlọ́po méjì ọ̀pá 5%, irọ́ sì nìyẹn.

Ibo wá ni tírímáàpù ti wúlò? Ẹ wo ibi tó ti ṣẹ̀. Ní nǹkan bí ọdún 1990, Ben Shneiderman ní Yunifásítì Maryland ń wá ohun tó gba àyè tán lórí díìsìkì tí òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ jọ ń lò. Fódà wà nínú fódà, fáìlì sì pọ̀ jántirẹrẹ. Irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ló yẹ ẹ́. Bí a bá tú ẹ̀ka 24 wa sí ìsọ̀rí 300, ọ̀pá wọn yóò ga ní 6,000, ìyẹn ojú kọ̀ǹpútà méjìlá àti ààbọ̀. Kò sẹ́ni tí yóò rí gbogbo rẹ̀ pọ̀. Tírímáàpù á kó ìsọ̀rí kọ̀ọ̀kan sínú àpótí ẹ̀ka rẹ̀, a ó sì rí i lẹ́ẹ̀kan náà bóyá ẹ̀ka mẹ́ta péré ló gba bí ìdajì owó.

Ṣùgbọ́n ẹ má ṣe fi í wé ọdún méjì. Ọ̀nà tí wọ́n sábà ń gbà tò ó ń tẹ̀ lé ìtóbi, nítorí náà bí owó bá yí padà díẹ̀, àpótí lè fò láti igun kan sí òmíràn. Ẹni tó ń wá ẹ̀ka rẹ̀ níbi tó wà lọ́dún tó kọjá yóò bá ẹlòmíràn níbẹ̀.

Ní tèmi, ọ̀pá 24 ni mo máa ń gbé síwájú. Ẹni tó bá tẹ ọ̀pá kan ni tírímáàpù àwọn ìsọ̀rí abẹ́ rẹ̀ máa ń ṣí sílẹ̀ fún.