Ewé ewúro, ihò inú ága, àti ohun tí abala ìlànà iṣẹ́ wa kì í sọ

Àkúrẹ́ ni ìdánilẹ́kọ̀ọ́ yìí ti wáyé, níwájú àwọn tó ń kọ ìwé àpilẹ̀kọ fún oyè kejì àti oyè kẹta. A gé àsọtúnsọ kúrò. Ìyókù wà bí a ṣe sọ ọ́.

Ẹ káàsán o. Wọ́n ní ogójì ìṣẹ́jú ni mo ní, wọ́n sì ti kìlọ̀ fún mi. Ẹ jẹ́ ká máa lọ.

Ìpínrọ̀ kan ló wà lójú ògiri yìí. Èmi ni mo hun ún fúnra mi, kí ẹnikẹ́ni má lọ rò pé òun ni mò ń bá wí:

"A já ewé ewúro ní Àkúrẹ́. A sá a, a lọ̀ ọ́, a sì rẹ 100 gíráàmù sínú ẹtanọ́ọ̀lù. A dán oje rẹ̀ wò lórí kòkòrò Ẹ. kólì nípa gbígbẹ́ ihò sínú ága, gẹ́gẹ́ bí àwọn tó ṣáájú ti ṣe é, pẹ̀lú àtúnṣe díẹ̀. Oje náà jẹ́ 100 mílígíráàmù nínú mílílítà kan. Ẹ̀ẹ̀mẹta la ṣe é."

Ó dùn létí, àbí? Púpọ̀ nínú wa á kà á kọjá, ó di ọ̀dọ̀ àbájáde. Ohun tí mo fẹ́ ni kí ẹ kà á bí ẹni tó máa lọ ṣe é láago mẹ́jọ òwúrọ̀ ọ̀la, tí kò sì ní nọ́ńbà fóònù ẹni tó kọ ọ́. Ẹ fa ìlà sábẹ́ gbogbo ọ̀rọ̀ ìṣe: já, sá, lọ̀, rẹ, dán wò. Nídìí ọ̀kọ̀ọ̀kan, ẹ béèrè pé: èwo gan-an, báwo ló ṣe pọ̀ tó, fún ìgbà wo, nínú ooru wo, kí sì ni màá rí tí màá fi mọ̀ pé ó ti tó? Èyí tó kẹ́yìn yẹn ni wọ́n máa ń gbójú fò jù.

Ẹ jẹ́ ká mú "já". Ewúro wo? Ní ìpínlẹ̀ Oǹdó tiwa yìí, ewúro wà, ewúro odò wà, àwọn méjèèjì kì í sì í ṣe ohun kan náà. Ẹni tó bá ka ìwé yín ní ilẹ̀ òkèèrè ò mọ èyí tí ẹ ní lọ́kàn. Ẹ kọ orúkọ sáyẹ́ǹsì rẹ̀, Vernonia amygdalina, kí ẹ sì fi ẹ̀ka kan, tòun ti ewé àti òdòdó tó bá wà, ránṣẹ́ sí ibi tí wọ́n ń kó ewé gbígbẹ pamọ́ sí, bíi FHI ní Ìbàdàn, kí wọ́n fún un ní nọ́ńbà. Nọ́ńbà yẹn ni ẹ máa kọ sínú ìwé. Bí wọ́n bá tún orúkọ igi náà sọ lọ́la, ẹ̀ka yẹn ṣì wà níbẹ̀ fún ẹni tó bá fẹ́ yẹ̀ ẹ́ wò. Oṣù tí ẹ já a náà ṣe pàtàkì, nítorí ohun tó wà nínú ewé ìgbà òjò kì í bá ti ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn dọ́gba. Bẹ́ẹ̀ náà ni ọ̀mùnú àti ewé tó ti gbó.

"A sá a." Sínú oòrùn ni àbí sábẹ́ òjìji? Oòrùn lè ba àwọn èròjà kan jẹ́ kí ewé tó gbẹ. Ká ní ẹ tilẹ̀ kọ "lábẹ́ òjìji fún ọjọ́ méje", kò tíì tó. Ọjọ́ méje nínú oṣù kẹjọ, nígbà tí afẹ́fẹ́ Àkúrẹ́ rin gbingbin, ewé lè hu olú kó tó gbẹ. Ọjọ́ méje nínú ọyẹ́, ó ti di gbígbẹ hán-ín-hán-ín láti ọjọ́ kẹta. Ìdí nìyẹn tí mo fi ní kí ẹ kọ ohun tí ẹ rí: ẹ wọn ewé náà lójoojúmọ́, ẹ sì dúró nígbà tí ìwọ̀n rẹ̀ ò bá yí padà mọ́ láàárín ọjọ́ kan sí èkejì. Ìyẹn, ẹni tó wà ní Kánò lè ṣe é, ẹni tó wà ní Jámánì náà lè ṣe é.

Wàyí o, "100 gíráàmù". Tútù ni àbí gbígbẹ? Bí omi bá jẹ́ ìdá 80 nínú 100 ewé tútù, 100 gíráàmù tútù ò ju 20 gíráàmù gbígbẹ lọ. Ẹni méjì ka gbólóhùn kan náà, ọ̀kan lo ewé ìlọ́po márùn-ún èkejì, àwọn méjèèjì sì tẹ̀ lé ìwé. Ẹtanọ́ọ̀lù ńkọ́? Èyí tó jẹ́ ìdá 70 nínú 100, tí ìyókù jẹ́ omi, máa ń fa ohun tí èyí tí kò lómi rárá ò lè fà jáde. Mélòó nínú rẹ̀, ìdajì lítà ni àbí lítà kan? Fún wákàtí mélòó? Ṣé ẹ ń mì ín? Nígbà tí ẹ gbẹ ẹtanọ́ọ̀lù kúrò, ooru wo lẹ lò? Gíráàmù oje mélòó lẹ rí nígbẹ̀yìn? Ìyá aláàgbo ní Ọjà Ọba á sọ fún yín pé ẹ̀kúnwọ́ mẹ́ta, ìgò omi méjì, kí ẹ sè é títí omi á fi ku ìdajì. Ewé, omi, àmì pé ó ti tó: ohun mẹ́ta tí ìpínrọ̀ wa yìí ò ní.

(Wọ́n rẹ́rìn-ín. Mi ò ṣeré o.)

Mo dé ibi tó ń dùn mí jù: "gẹ́gẹ́ bí àwọn tó ṣáájú ti ṣe é, pẹ̀lú àtúnṣe díẹ̀." Ẹ̀yin tí ẹ ti gbọ́ ọ lẹ́nu mi rí, ẹ foríjì mí. Bí ẹ bá tọpa ìwé tí wọ́n tọ́ka sí, ẹ lè bá a pé òun náà tọ́ka sí òmíràn, òmíràn náà tọ́ka sí ti ẹlòmíràn, nígbà tí ẹ bá sì dé ìdí rẹ̀, ẹni yẹn ò gbẹ́ ihò kankan. Bébà róbótó tó rẹ sínú oògùn ló tò sórí ága. "Àtúnṣe díẹ̀" wá ni gbogbo iṣẹ́ náà pátá. Òfin tèmi ni pé kí ẹ ka ìwé tí ẹ tọ́ka sí fúnra yín, kí ẹ tún kọ ìgbésẹ̀ náà ní kíkún, lẹ́yìn náà kí ẹ sọ èyí tí ẹ yí padà àti ìdí tí ẹ fi yí i.

Àwọn kan á ní jọ́nà ò fún wọn láàyè. Àwọn kan náà ló ráyè kọ ojú ìwé mẹ́ta lórí bí ewúro ti ṣe pàtàkì tó láyé àtijọ́! Jọ́nà gba àfikún ìwé lẹ́yìn àpilẹ̀kọ, protocols.io sì wà níbẹ̀ tí ẹ lè to gbogbo ìgbésẹ̀ sí, kí ẹ fi líǹkì rẹ̀ sínú ìwé. Àyè kọ́ ni kò sí.

"100 mílígíráàmù nínú mílílítà kan." Èyí sọ bí oje ṣe ki tó, kò sọ iye tó wọ inú ihò. Bí ẹ bá da 50 máíkírólítà sínú ihò, mílígíráàmù 5 ni. Bí ó bá jẹ́ 100 máíkírólítà, ó di 10. Ẹ kọ méjèèjì, kí ẹ kọ bí ihò ṣe fẹ̀ tó, kí ẹ sì kọ ohun tí ẹ fi po oje náà. Bí DMSO bá ni, ìdá mélòó? Ihò kan sì gbọ́dọ̀ wà tó jẹ́ DMSO nìkan ló wà nínú rẹ̀, nítorí òun náà lè pa kòkòrò bó bá pọ̀. Fún àwọn tó máa ń kọ ọ́ pé oje àwọn "lágbára ju jẹntamáísìnì lọ": bébà jẹntamáísìnì tí a ń lò jẹ́ 10 máíkírógíráàmù. Mílígíráàmù 10 oje jẹ́ ìlọ́po 1000 ìyẹn. Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn kí ẹ tó pariwo.

Ibí ni ọ̀dọ́kùnrin kan ti nawọ́ sókè láti ẹ̀yìn: "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ìnkúbétọ̀ wa máa ń kú lóru tí wọ́n bá mú iná lọ. Ṣé a máa kọ ìyẹn náà? Ọ̀gá wa ní tá a bá kọ ọ́, wọ́n á dá ìwé náà padà."

Ìbéèrè yìí dára ju ohun tó kù nínú bébà mi lọ, nítorí náà mo pa bébà tì. Bẹ́ẹ̀ ni, ẹ kọ ọ́, ẹ jẹ́ kí n sì sọ ìdí. Àyíká mímọ́ tí ẹ ń wọ̀n yẹn, ibi tí kòkòrò ò ti hù yí ihò ká, eré ìje ló bí i. Oje ń rìn jáde láti inú ihò, kòkòrò sì ń pọ̀ sí i lórí ága. Ibi tí kòkòrò ti pọ̀ ju ohun tí oje lè kápá lọ, ibẹ̀ ni etí àyíká náà. Bí iná bá lọ ní wákàtí kejì, tí ooru já wálẹ̀ láti 35 sí 26, kòkòrò á fà sẹ́yìn púpọ̀, oje á sì máa rìn lọ ní tiẹ̀. Àyíká á fẹ̀ sí i, oje yín á sì dà bí alágbára. Bí iná bá lọ ní wákàtí kejìlá, eré ti parí, ìyàtọ̀ ò ní tó nǹkan. Nítorí náà kì í ṣe "iná lọ" nìkan lẹ máa kọ, bí kò ṣe wákàtí tó lọ, ìgbà tó pẹ́ tó, àti ooru tó kéré jù. Tẹmómítà tó ń fi ooru tó ga jù àtèyí tó kéré jù pamọ́, tí ẹ ki ẹnu rẹ̀ bọ ìgò omi nínú ìnkúbétọ̀, á sọ èyí tó kẹ́yìn yẹn fún yín.

Ohun tí ẹ máa sọ fún ọ̀gá nìyí. Ẹ lo Ẹ. kólì ATCC 25922, kí bébà jẹntamáísìnì kan wà lára àwọn àwo gbogbo ìgbà tí ẹ bá ṣe é. Lórí ága Mueller-Hinton, pẹ̀lú omi kòkòrò tó rú bíi 0.5 McFarland, àyíká rẹ̀ gbọ́dọ̀ wà láàárín mílímítà 19 sí 26 lẹ́yìn wákàtí 16 sí 18. Bó bá bọ́ síbẹ̀, ẹ kọ nọ́ńbà náà síwájú àbájáde yín. Bí kò bá bọ́ síbẹ̀, ẹ da ti ọjọ́ yẹn nù, kí ẹ kọ ọ́ pé ẹ dà á nù. Olùyẹ̀wò tó bá rí ìyẹn ò ní rí ohun tó máa fi dá ìwé padà.

Eré ìje yìí kan náà ló jẹ́ kí fífi àwo sórí tábìlì fún wákàtí kan kí ẹ tó gbé e wọ ìnkúbétọ̀ yí àbájáde padà, tó sì jẹ́ kí sísanra ága ṣe pàtàkì. Nínú àwo tó fẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 9, mílílítà 25 á fún yín ní nǹkan bíi mílímítà 4, èyí tó yẹ. Ẹni tó ń ṣọ́ owó tó da 15 síbẹ̀ rí bíi 2.4, àyíká rẹ̀ á sì fẹ̀ ju ti ẹnìkejì lọ. Ẹ kọ mílílítà tí ẹ dà.

Wọ́n ti ń fi aago hàn mí. Kíákíá: "Ẹ̀ẹ̀mẹta la ṣe é." Ihò mẹ́ta nínú àwo kan kì í ṣe ẹ̀ẹ̀mẹta, ẹ̀ẹ̀kan ni. Ọjọ́ mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, tí ẹ ti da ága tuntun, tí ẹ sì ti po omi kòkòrò tuntun, ìyẹn ni ẹ̀ẹ̀mẹta. Ẹ sọ èyí tí ẹ ṣe. Ẹ sọ bóyá ìwọ̀n àyíká ní ihò nínú, àti bóyá 0 ni ẹ kọ tàbí 6 nígbà tí oje ò ṣe nǹkan kan nínú ihò mílímítà 6, torí pé ìyẹn nìkan á yí àròpín padà. Ẹ sọ bóyá ohun tí ẹ kọ tẹ̀ lé ± jẹ́ SD tàbí SEM.

Lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, kí olúkúlùkù mú abala ìlànà iṣẹ́ tirẹ̀ wá fún ẹni tí kò sí nínú yàrá ìwádìí rẹ̀. Kí ẹni náà kọ gbogbo ohun tó máa rà àti gbogbo ohun tó máa ṣe, láti ọjọ́ kìn-ín-ní dé ìkẹyìn. Ẹ̀yin tí ẹ kọ ọ́, ẹ pa ẹnu mọ́. Ẹ kàn máa kọ ìbéèrè tó bá bi yín sílẹ̀.