Ògán: Bí Ikán Ṣe Ń Mí Nínú Ògiri Tó Dí Pa

Ẹ kú ìjókòó, ẹ̀yin ará Àkúrẹ́ àti ẹ̀yin tí ẹ ti Oǹdó wá. Ikán ńlá tó ń mọ ògán ni ọ̀rọ̀ wa lónìí, ìbéèrè kan ni mo sì fẹ́ ká jọ tú palẹ̀. Kí ló dé tí irú ikán kan náà fi ń mọ ògán rìbìtì tí ògiri rẹ̀ nípọn nínú igbó, tó tún ń mọ èyí tó ga, tó ní ṣóńṣó púpọ̀, tí ògiri rẹ̀ sì fẹ́lẹ́ ní ilẹ̀ ọ̀dàn?

Inú ilé ni ká ti bẹ̀rẹ̀. Ikán yìí kì í dá igi àti ewé gbígbẹ jẹ. Àwọn òṣìṣẹ́ máa ń jẹ ẹ́ rún, wọ́n á yà á sílẹ̀, wọ́n á sì fi ìgbẹ́ náà mọ afárá kan tí olú ń hù lórí rẹ̀. Olú yìí ló ń sọ igi líle di oúnjẹ. Ìwọ̀n 30°C ló bá a lára jù. Àmọ́ olú ń mí, ọ̀kẹ́ àìmọye ikán náà sì ń mí. Ooru ń jáde lára wọn, afẹ́fẹ́ ìdọ̀tí tí à ń pè ní kábọ́ọ̀nù dáyọ́ksáídì náà ń jáde. Bí ògiri bá nípọn, ooru á dúró, ṣùgbọ́n afẹ́fẹ́ ìdọ̀tí á há mọ́lé. Bó bá fẹ́lẹ́, afẹ́fẹ́ á dára, ṣùgbọ́n òtútù òru á wọlé.

Ògán kò ní ojú ihò tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọlé gbọọrọ. Ìhà inú ògiri ni àwọn ọ̀nà tóóró wà, wọ́n sì so pọ̀ mọ́ ihò ńlá àárín. Afẹ́fẹ́ gbígbóná láti ibi ọgbà olú máa ń gòkè gba àárín, á yà sí àwọn ọ̀nà ẹ̀gbẹ́, ibẹ̀ ni kábọ́ọ̀nù dáyọ́ksáídì ti ń gba àwọn ihò tíńtìntín inú amọ̀ jáde, tí ọ́síjìn sì ń wọlé. Lẹ́yìn náà ló máa ń tutù, tó sì ń sọ̀ kalẹ̀. Ní ọ̀dàn, oòrùn ọ̀sán máa ń gbóná sí ògiri fẹ́lẹ́ yẹn, afẹ́fẹ́ inú àwọn ọ̀nà ẹ̀gbẹ́ á wá bẹ̀rẹ̀ sí gòkè, ìyípo náà á sì lágbára sí i. Nínú igbó, ibòji kò jẹ́ kí oòrùn ṣe irú iṣẹ́ yìí.

Judith Korb, onímọ̀ ìjìnlẹ̀ kan, ṣèwádìí èyí nínú ọgbà Komoé ní Aifọri Kósì. Ó rí i pé ògán inú igbó kì í gbóná tó ti ọ̀dàn, kábọ́ọ̀nù dáyọ́ksáídì inú rẹ̀ sì pọ̀ jù. Nígbà tí wọ́n mú kí ooru tó ń kan ògán igbó pọ̀ sí i, ikán tún un mọ, ó wá ń rí bíi ti ọ̀dàn. Nínú igbó, ooru ni ikán ń dáàbò bò, afẹ́fẹ́ tó dára ni wọ́n fi ń san owó rẹ̀. Ìpínlẹ̀ Oǹdó ní igbó ní apá gúúsù, ó sì ń di ọ̀dàn bí a ti ń lọ sí Àkókó. Ẹ máa wo ìrísí ògán bí ẹ bá ń kọjá.

Ta ló wá ń pàṣẹ iṣẹ́ ìmọlé yìí? Kò sẹ́ni kankan. Òṣìṣẹ́ á fi itọ́ po erùpẹ̀, á lẹ ìṣù kékeré mọ́lẹ̀, òórùn rẹ̀ tútù á sì pe ẹlòmíràn láti lẹ tirẹ̀ mọ́ ọn. Grassé, onímọ̀ nípa ẹranko kan tó jẹ́ ará Faransé, ló ṣàlàyé rẹ̀ ní 1959. Ìyá ikán náà kì í sọ̀rọ̀ àṣẹ. Ẹyin ló ń yé, ẹgbẹẹgbẹ̀rún lójúmọ́, inú rẹ̀ wú débi pé kò lè jáde nínú yàrá amọ̀ tí òun àti ọkọ rẹ̀ ń gbé. Òórùn ara rẹ̀ ni àwọn òṣìṣẹ́ fi ń mọ bí ògiri yàrá náà ṣe gbọ́dọ̀ jìnnà sí i tó.

Láàárín òṣìṣẹ́, àwọn tó tóbi, akọ ni wọ́n, ló sábà máa ń jáde lọ ṣa oúnjẹ. Àwọn kéékèèké, tí wọ́n jẹ́ abo, ń tọ́jú ẹyin àti ìyá. Jagunjagun náà jẹ́ abo. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ ti tóbi fún ìjà débi pé kò lè jẹun fúnra rẹ̀, òṣìṣẹ́ ló ń fi oúnjẹ sí i lẹ́nu.

Wíwó orí ògán nìkan kì í mú un kúrò lóko. Orí ògán kò ju ọ̀nà afẹ́fẹ́ lọ, ìyá wà nísàlẹ̀ nínú yàrá líle ní ìtòsí ilẹ̀. Ẹni tó fẹ́ mọ̀ bóyá ògán ṣì láàyè, kó dá ihò bí ìkúùkù sí i lára ní ìrọ̀lẹ́. Bí ikán bá wà níbẹ̀, jagunjagun á kọ́kọ́ yọ, àwọn òṣìṣẹ́ á sì tẹ̀ lé wọn pẹ̀lú erùpẹ̀ tútù. Bí ilẹ̀ bá mọ́ tí ihò náà ṣì là gbayau, tí kò sí amọ̀ tuntun létí rẹ̀, ó ṣeé ṣe kí ògán náà ti kú, bó tilẹ̀ jẹ́ pé èèrà tàbí irú ikán mìíràn lè ti gba ilé náà.