Ìdì ìgbì: kí ló dé tí èyí tó há kì í fi ní òǹkà kan ṣoṣo?

[Àwòrán: ìgbì kan tó gùn láti òsì dé ọ̀tún, kò níbẹ̀rẹ̀, kò lópin.]

Ẹ wo ìgbì yìí dáadáa. Ó ń gòkè, ó ń sọ̀ kalẹ̀, bẹ́ẹ̀ ló ń bá a lọ títí tó fi kúrò lójú àwòrán. Bí mo bá bi yín pé ìgbì mélòó ló wà nínú mítà kan, ìyẹn ò le. Ẹ kà á: mẹ́wàá ni. Ṣùgbọ́n bí mo bá bi yín pé ibo ni ìgbì náà wà, kí lẹ fẹ́ sọ? Kò síbi tí kò sí.

[Àwòrán yí padà: ìgbì díẹ̀ kóra jọ sójú kan, ọ̀tún àti òsì tẹ́ pẹrẹsẹ.]

Èyí ńkọ́? Èyí wà níbì kan, ẹ lè nàka sí i. Ìdì ìgbì la ó máa pe irú èyí. Ó yá, ẹ ka ìgbì inú rẹ̀. Ti àárín ga, àwọn ti ẹ̀gbẹ́ kéré sí i, lẹ́yìn náà wọ́n ń kú lọ díẹ̀díẹ̀. Ṣé ká ka èyí tó ń kú lọ yẹn mọ́ wọn ni, àbí ká fò ó? Ẹnì kan á ní ó tó mẹ́sàn-án nínú mítà kan, ẹlòmíì á ní mọ́kànlá ni, kò sì sẹ́ni tó purọ́. Ìyàtọ̀ yẹn kì í ṣe ti àìmọ̀ọ́kà. Inú ìdì náà gan-an ló wà, òun la sì fẹ́ tú wò lónìí.

Iye ìgbì tó wà nínú mítà kan la ó máa pè ní òǹkà ìgbì. Àwọn onífísíìsì sábà máa ń fi 2π sọ ọ́ di púpọ̀, wọ́n á wá pe àbájáde rẹ̀ ní k. A máa dé ibẹ̀. Ní báyìí ná, kíkà lásán tó wa.

Báwo la ṣe ń di ìgbì ní ìdì? Àwọn ìgbì gígùn tí kò lópin là ń rò pọ̀. Mo mọ̀ pé ó jọ àwàdà: ohun márùn-ún tó wà níbi gbogbo, báwo la ṣe máa rò wọ́n pọ̀ tí wọ́n á wá di ohun tó wà lójú kan? Wọ́n ń pa ara wọn ni. Níbi tí orí ìgbì kan bá ti bá kòtò ìgbì mìíràn pàdé, ọ̀kan á gbé e sókè, èkejì á fà á sílẹ̀, omi á sì dúró jẹ́ẹ́ bí ẹni pé kò sí nǹkan kan níbẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká ṣe é pẹ̀lú iye gidi. Mo mú ìgbì márùn-ún, gíga wọn dọ́gba. Òǹkà wọn ni 9, 9.5, 10, 10.5 àti 11. Mo wá tò wọ́n kí orí gbogbo wọn bọ́ sí ojú kan náà, níbi tí mo pè ní òdo. Níbẹ̀, gbogbo wọn ń gbé nǹkan sókè lẹ́ẹ̀kan náà, nítorí náà àròpọ̀ wọn ga ní ìlọ́po márùn-ún.

Ẹ bá mi rìn lọ sí ọ̀tún, ní mítà 0.4. Ìgbì tí òǹkà rẹ̀ jẹ́ 9 ti ṣe 9 × 0.4 kó tó dé ibẹ̀, ìyẹn 3.6. Ó ti ṣe ìgbì mẹ́ta tó pé, àti ìdá 0.6 nínú òmíràn. Mẹ́ta tó pé yẹn ò já mọ́ nǹkan kan, torí pé ìgbì tó bá ti pé ti padà sí bó ṣe wà tẹ́lẹ̀. Àṣẹ́kù nìkan ló ṣe pàtàkì. Bí a bá ṣe bẹ́ẹ̀ fún àwọn márààrún, a ó rí 3.6, 3.8, 4.0, 4.2 àti 4.4. Àṣẹ́kù wọn ni 0.6, 0.8, 0, 0.2 àti 0.4.

[Àwòrán: aago kan tó ní ọwọ́ márùn-ún.]

Ẹ ya àṣẹ́kù kọ̀ọ̀kan bí ọwọ́ aago. Àyíká kan dúró fún ìgbì kan tó pé. Ọwọ́ tó ní 0 dúró lókè gangan, èyí tó ní 0.2 wà níbi ìṣẹ́jú kejìlá, 0.4 wà níbi ìkẹrìnlélógún, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ wo bí wọ́n ṣe pín aago náà láàárín ara wọn láìṣègbè! Ọ̀kọ̀ọ̀kan ń fà sí ọ̀nà tirẹ̀, agbára wọn dọ́gba, kò sì sẹ́ni tó borí. Òdo ni àròpọ̀ wọn. Ní mítà 0.4 lápá ọ̀tún, ìdì wa ti tán. Bó ṣe tán náà nìyẹn lápá òsì. Láti eti dé eti, mítà 0.8.

Wàyí o, mo fẹ́ kí òǹkà àwọn ìgbì náà sún mọ́ra. Márùn-ún ṣì ni wọ́n, àmọ́ wọ́n ti di 9.8, 9.9, 10, 10.1 àti 10.2. A tún padà sí mítà 0.4 wa. A rí 3.92, 3.96, 4, 4.04 àti 4.08. Ẹ ya ọwọ́ aago wọn: gbogbo wọn ṣì rọ̀gbà yí òkè aago ká, kò tíì sí ẹni tó kẹ̀yìn sí ẹnì kejì rẹ̀. Ìdì náà ṣì ga gan-an níbẹ̀. Kí wọ́n tó lè pín aago bí ti àkọ́kọ́, ó di mítà 2, níbi tí a ti rí 19.6, 19.8, 20, 20.2 àti 20.4.

Ẹ fi méjèèjì wé ara wọn. Tẹ́lẹ̀, láti òǹkà tó kéré jù sí èyí tó pọ̀ jù jẹ́ 2. Ní báyìí ó jẹ́ 0.4. Ó dín kù ní ìlọ́po márùn-ún. Ìbú ìdì náà kúrò ní mítà 0.8, ó di mítà 4. Ó fẹ̀ sí i ní ìlọ́po márùn-ún.

Kò sí idán níbẹ̀. Ẹ ro èèyàn méjì tó jọ gbéra, tí ìṣísẹ̀ wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba. Wọ́n á rìn jìnnà kí ẹsẹ̀ òsì ọ̀kan tó bọ́ sí ìgbà tí èkejì ń gbé ọ̀tún. Bí ìṣísẹ̀ wọn bá yàtọ̀ púpọ̀, kò ní pẹ́ tí wọ́n á fi pín yà. Ìgbì náà rí bẹ́ẹ̀: bí òǹkà wọn bá jọra, ọ̀nà jíjìn ni wọ́n nílò kí wọ́n tó lè pa ara wọn. Ẹni tó bá fẹ́ ìdì tó há gbọ́dọ̀ wá ìgbì tí òǹkà wọn jìnnà síra.

Ohun kan wà tó máa ń dààmú ẹni tó bá kọ́kọ́ ya èyí lórí kọ̀ǹpútà. Ẹ padà sí àwọn márùn-ún àkọ́kọ́, kí ẹ lọ sí mítà 2. A rí 18, 19, 20, 21, 22. Gbogbo rẹ̀ pé pérépéré, kò sí àṣẹ́kù! Ìdì tí a rò pé ó ti tán tún jí dìde, ní gíga kan náà. Ní mítà 4, ó tún dé. Ẹ má pa iṣẹ́ yín rẹ́ o, ẹ ò ṣìṣe. Àlàfo tó wà láàárín òǹkà kan àti èkejì ló fà á. Bí ẹ bá fi ìgbì míì dí àlàfo náà, kí ẹ máa gbé e ní 0.1, 0.1 láti 9 dé 11, wọ́n á di mọ́kànlélógún, àjíǹde ìdì náà á sì sún sí mítà 10. Ṣùgbọ́n ibi tí ìdì àárín ti ń tán kò sún púpọ̀: nǹkan bíi mítà 0.48 ni. Àlàfo ló ń sọ ìgbà tí ìdì máa tún yọjú. Ìjìnnà láti òǹkà àkọ́kọ́ dé ti ìkẹyìn ló ń sọ ìbú rẹ̀. Bí a bá dí àlàfo náà pátápátá, tí kò sí òǹkà kankan tí a fò, ìdì kan ṣoṣo á kù, kò sì ní padà wá mọ́.

Ó ku àwọn òkè kéékèèké lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìdì náà. Bí gíga gbogbo ìgbì bá dọ́gba, èyí tó tóbi jù nínú wọn máa ń tó bí ìdá kan nínú márùn-ún ti àárín. Bí a ṣe gé òǹkà náà lójijì ní 9 àti ní 11 ló bí wọn. Bí a bá jẹ́ kí ìgbì àárín ga jù, tí àwọn yòókù ń rẹlẹ̀ díẹ̀díẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ bí ìrísí agogo, ìlà tí wọ́n fi orúkọ Gauss pè, àwọn òkè wọ̀nyẹn á parẹ́. Ìdì náà fúnra rẹ̀ á sì rí bí agogo.

Agogo yìí ló jẹ́ ká lè kọ ọ́ ní ìlà kan:

Δx · Δk ≥ 1/2

Δx ni ìbú ìdì náà, Δk ni ìfọ́nká òǹkà rẹ̀, lẹ́yìn tí a ti fi 2π sọ òǹkà di púpọ̀. A kì í wọn wọ́n láti eti dé eti, nítorí agogo ò ní etí tó já geere. Bí nǹkan ṣe fọ́n jìnnà sí àárín la ń wọ̀n, gẹ́gẹ́ bí àwọn oníṣirò ṣe ń wọn ìfọ́nká, gíga tí a fi ara rẹ̀ sọ di púpọ̀ la sì fi ń díwọ̀n ojú kọ̀ọ̀kan. Fún ìdì tó rí bí agogo, èsì rẹ̀ lè jẹ́ 1/2 gan-an. Kò sí ìrísí mìíràn tó lè kéré tó bẹ́ẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká lò ó. Mo fẹ́ ìdì tí Δx rẹ̀ jẹ́ mítà 0.1. Δk rẹ̀ kò gbọdọ̀ dín ní 5. Ẹ fi 2π pín in, ó di nǹkan bí 0.8. Bí òǹkà àárín bá jẹ́ 10, ọ̀pọ̀ nínú ìdì náà á wá láti 9.2 dé 10.8. Bí mo bá ní kí Δx dín kù sí 0.05, 0.8 yẹn á di 1.6. Bí a bá fa gbùùrù, gbùùrù á fa igbó.

Ẹ kíyè sí i pé a ò tíì dárúkọ ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù. Ìròpọ̀ ìgbì lásán la ń ṣe látàárọ̀. Ìlànà tí Werner Heisenberg gbé jáde ní 1927 fi ohun kan ṣoṣo kún un: ìgbì ni ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù, ipá ìrìn rẹ̀ p sì jẹ́ ħk, níbi tí ħ ti jẹ́ iye Planck tí a fi 2π pín, iye kan tí kì í yí padà. Ẹ fi ħ sọ ìhà méjèèjì di púpọ̀, ẹ ó rí Δx · Δp ≥ ħ/2. Inú máa ń bí mi díẹ̀ nígbà tí mo bá gbọ́ pé ohun èlò tí a fi ń wọ̀n ló ń da ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù láàmú, pé ìdí rẹ̀ nìyẹn. Ìgbì wa lókè yẹn, ta ló wọ̀n ọ́n?

Ẹ tún wo àmì ≥ yẹn, kì í ṣe =. Òǹkà tó fọ́nká ń fún ìdì láyè láti há ni, kò fi dandan lé e. Bí mo bá sún ibi tí ìgbì kọ̀ọ̀kan ti bẹ̀rẹ̀, tí orí wọn kò pàdé níbì kankan, òǹkà wọn ò yí padà, síbẹ̀ ìdì náà á tú fẹ̀.

Bí ẹ bá ju òkúta ńlá sínú omi jíjìn, ẹ ó rí i bó ṣe ń ṣẹlẹ̀. Ìgbì omi tó gùn ju sẹ̀ǹtímítà díẹ̀ lọ ní àṣà kan: bó bá ṣe gùn tó ló ṣe ń yára tó. Òrùka tó kọ́kọ́ yọ há, torí gbogbo òǹkà jọ gbéra. Bó ti ń lọ, àwọn ìgbì gígùn ń bọ́ síwájú, àwọn kúkúrú ń kù sẹ́yìn, òrùka náà sì ń fẹ̀ sí i. Kò sí òǹkà tuntun tó wọ inú rẹ̀, èyí tó wà níbẹ̀ náà ò jáde. Ọwọ́ aago tó jọ nà sókè níbẹ̀rẹ̀ ló ti tú ká.