Bí A Ṣe Ń Dá Ọmọ Lóhùn: Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ fún Àwọn Òbí Ọmọ Ọdún Kan sí Mẹ́ta

Ẹ̀yin òbí, àti ẹ̀yin màmá àgbà tí ẹ gbé ọmọ-ọmọ yín dání wá síbí, mo kí yín. Iṣẹ́ tí mò ń ṣe ni títọ́jú àwọn ọmọ tí ọ̀rọ̀ kò tètè yọ lẹ́nu wọn. Ohun tí àwọn òbí máa ń kọ́kọ́ bi mí ni pé ọ̀rọ̀ mélòó ló yẹ kí ọmọ àwọn ti máa sọ. N óò dáhùn ìyẹn kí n tó jókòó. Ṣùgbọ́n ìbéèrè kan wà tí èmi náà máa ń bi wọ́n, òun ni mo sì fẹ́ fi ọ̀pọ̀ àkókò wa lé lórí lónìí: bí ọmọ yín bá fọhùn, kí ni ẹ máa ń ṣe ní ìṣẹ́jú àáyá márùn-ún tó tẹ̀ lé e?

Mo bi ìyá kan ní ìbéèrè yìí ní Ìbàdàn. Aránṣọ ni, ọmọkùnrin rẹ̀ sì ti pé oṣù 22. Ọ̀rọ̀ mẹ́rin péré ni ọmọ náà ń sọ: "màmá", "wá", "mi", èyí tó dúró fún omi, àti "bé", èyí tó dúró fún gbé mi. Wọ́n ti yẹ etí rẹ̀ wò, ó ń gbọ́ràn dáadáa. Bí wọ́n bá ní kó lọ mú bàtà wá, á mú un wá. Bí ó bá rí ohun tó wù ú, á na ìka sí i, á wá yíjú wo ìyá rẹ̀. Àwọn àmì wọ̀nyí fi mí lọ́kàn balẹ̀, nítorí ọmọ tó ń gbọ́ ohun tí a wí, tó sì ń na ìka kí ẹlòmíràn lè bá a wo nǹkan, ti ní ìpìlẹ̀ tí ọ̀rọ̀ ń dúró lé. Mo ní kí ìyá náà fi fóònù gba ohùn àwọn méjèèjì sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú 10 nígbà tó bá ń wẹ ọmọ. Nígbà tí a jọ gbọ́ ọ, ohùn ìyá ló kún ibẹ̀: "Dúró. Dijú. Gbé ọwọ́ sókè. Má mu omi yẹn. Yí sẹ́yìn." Ọmọ fọhùn lẹ́ẹ̀mẹ́fà, ẹ̀ẹ̀kan péré ni ìyá sì dá a lóhùn. Obìnrin náà wò mí, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, mi ò tiẹ̀ mọ̀ pé ó ń bá mi sọ̀rọ̀."

Kò sí àìbìkítà kankan nínú ọ̀rọ̀ obìnrin yìí. Iṣẹ́ ń dúró dè é, ọmọ sì gbọ́dọ̀ wẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ àṣẹ kì í béèrè ìdáhùn ẹnu; ara ni ọmọ fi ń dá a lóhùn. Ọmọ tó bá ń gbọ́ àṣẹ láti àárọ̀ dalẹ́ yóò mọ ìgbọràn, ṣùgbọ́n kò ní rí àyè tí òun náà lè fi ọ̀rọ̀ sí. Ohun tó ń kọ́ ọmọ ní ọ̀rọ̀ sísọ ni kí ó fọhùn, kí ẹnìkan fèsì lé ohun tó sọ gan-an, kí ó tún fọhùn.

Tẹlifíṣọ̀n kò lè ṣe èyí fún wa. Ní 2003, Patricia Kuhl àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà tẹ àbájáde ìwádìí kan jáde lórí àwọn ọmọ oṣù 9 tí wọ́n ń gbọ́ èdè Gẹ̀ẹ́sì nínú ilé wọn. Wọ́n jẹ́ kí àwọn ọmọ wọ̀nyí gbọ́ èdè Ṣáínà nígbà 12. Àwọn kan gbọ́ ọ lẹ́nu ènìyàn tó jókòó níwájú wọn, tó ń kàwé fún wọn, tó sì ń bá wọn ṣeré. Àwọn mìíràn gbọ́ èdè kan náà láti ojú tẹlifíṣọ̀n tàbí láti inú ohùn tí a gbà sílẹ̀. Àwọn tó rí ènìyàn bá ṣeré dá ìró èdè náà mọ̀ yàtọ̀. Àwọn tó gbọ́ ọ lójú tẹlifíṣọ̀n kò yàtọ̀ sí ọmọ tí kò gbọ́ ọ rí. Nígbà tí Àjọ Ìlera Àgbáyé gbé ìmọ̀ràn jáde ní 2019, wọ́n ní kí ọmọ tí kò tíì pé ọdún 2 má jókòó ti tẹlifíṣọ̀n tàbí fóònù rárá, kí ti ọmọ ọdún 2 má sì ju wákàtí kan lọ lóòjọ́.

Ẹ jẹ́ kí a padà sí ibi tí wọ́n ti ń wẹ ọmọ, nítorí ibẹ̀ ni mo ní kí ìyá náà ti bẹ̀rẹ̀. Mi ò fi iṣẹ́ kún iṣẹ́ rẹ̀. Ìwẹ̀ tó ti ń wẹ ọmọ tẹ́lẹ̀ náà ni. Mo ní kí ó pa tẹlifíṣọ̀n, kí ó jókòó lórí àpótí kí ojú òun àti ojú ọmọ lè ṣe déédéé, kí ó sì máa sọ ohun tí ọmọ ń wò, kì í ṣe ohun tí òun ń rò. Bí ọmọ bá na ọwọ́ sí ike omi tó ní "mi", kí ìyá má ṣe sọ pé "sọ ọ́ dáadáa, omi ni". Kí ó fi ìgbésẹ̀ kan péré kún ohun tí ọmọ sọ: "Omi. Bu omi." Bí ọmọ bá ti ń sọ ọ̀rọ̀ méjì, kí ìyá fi ẹ̀kẹta kún un: "Bu omi sórí." Ọmọ gbọ́ pé wọ́n gbọ́ òun, ó sì tún gbọ́ bí ọ̀rọ̀ náà ṣe ń rí lẹ́nu àgbà, láìsí pé wọ́n dójú tì í. Ọ̀pọ̀ ọmọ ni yóò máa pe "gb" bíi "b" fún ìgbà pípẹ́, nítorí pé ọ̀nà méjì ni ìró yìí ń gbà lẹ́ẹ̀kan náà, ètè àti ẹ̀yìn ahọ́n. Ẹ dá ọmọ lóhùn pẹ̀lú "gbé" tó dán mọ́rán, kí ẹ sì gbé e.

Èdè wa tún fún wa ní ohun èlò kan tí àwọn ọmọdé fẹ́ràn púpọ̀, àwọn ọ̀rọ̀ tí ìró wọn ń ya àwòrán nǹkan. Omi ń kán tó, tó, tó. Ọṣẹ já bọ́, gbì! Ọmọ tí kò tíì lè pe "kànrìnkàn" lè pe "tó tó", ọ̀rọ̀ gidi sì ni.

Apá tó le jù lọ fún ìyá yìí ni ìdúró. Lẹ́yìn tó bá ti sọ̀rọ̀, mo ní kí ó wo ojú ọmọ, kí ó dákẹ́, kí ó sì ka ení dé àrún nínú ara rẹ̀. Àgbàlagbà kì í fẹ́ kí ìdákẹ́jẹ́ẹ́ wà láàárín ọ̀rọ̀, nítorí náà a máa ń béèrè, a máa ń dáhùn fúnra wa, a ó sì ti bọ́ sórí ọ̀rọ̀ mìíràn kí ọmọ tó wá ọ̀rọ̀ tirẹ̀ rí. Bí ọmọ kò bá sọ nǹkan kan lẹ́yìn ìdúró náà, kò burú. Kí ìyá sọ ọ́, kí eré máa lọ. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe fi omi tàbí oúnjẹ dúró lọ́wọ́ kí ẹ máa wí pé "sọ ọ́ kí n tó fún ọ". Mo ti rí ọmọ tó bẹ̀rẹ̀ sí í sá fún ọ̀rọ̀ sísọ nítorí irú èyí.

Orin àti eré wa ló ń mú kí ìdúró rọrùn, nítorí pé elégbè ń dúró kí ó tó gbè. Ẹ wo eré ẹkùn mẹ́ran. Gbogbo ohun tí aṣáájú bá wí, "mẹ́ẹ̀" kan náà ni ìdáhùn. Ọmọ ọdún kan àbọ̀ lè bá àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ṣe é lórí itan ìyá rẹ̀: a ó pe ẹkùn lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ẹ̀mẹrin, gbogbo ilé á dáhùn, lẹ́yìn náà, ẹ jẹ́ kí ilé dákẹ́, kí gbogbo ojú wo ọmọ. Bí ó bá mi ara tàbí tó yanu, ìpín tirẹ̀ nìyẹn, ẹ gbà á. Àmọ́, ọmọ lè máa gbe orin láìmọ ìtumọ̀ ohun tó ń pè. Ohun tí ẹ ó fi mọ̀ ni kí ọ̀rọ̀ náà jáde kúrò nínú eré. Ọjọ́ tí ọmọ bá rí ewúrẹ́ tòótọ́ lójú ọ̀nà, tó na ìka sí i, tó ní "mẹ́ẹ̀", ni ó di ọ̀rọ̀.

Ìyá tó pọn ọmọ sẹ́yìn kò rí ojú rẹ̀, ọmọ náà kò sì rí ẹnu ìyá. Mi ò ní kí ẹ má pọnmọ o. Àkókò orin àti oríkì ni kí ẹ fi ṣe, kí ẹ sì fi ti ìfojúkojú sí ìgbà ìwẹ̀ àti ìgbà oúnjẹ.

Lórí orin, mo ní ohun kan tí mo fẹ́ kí a ṣọ́. Ohùn òkè, ohùn àárín àti ohùn ìsàlẹ̀ ni ọmọ Yorùbá fi ń mọ ọkọ̀ yàtọ̀ sí ọkọ́. Orin tí àwọn ìyá wa fi ń rẹ ọmọ ń tẹ̀ lé ohùn ọ̀rọ̀, nítorí náà orin fúnra rẹ̀ jẹ́ ẹ̀kọ́ ohùn. Bí a bá fi ọ̀rọ̀ Yorùbá sínú ohùn orin Òyìnbó, bí ọ̀pọ̀ orin ìsìn àtijọ́ ṣe rí, ohùn ọ̀rọ̀ máa ń yí. Ẹ lè kọ wọ́n, ṣùgbọ́n ẹ má ṣe jẹ́ kí ó jẹ́ pé irú wọn nìkan ni ọmọ ń gbọ́.

Àwọn kan ti ń dúró kí n dé orí èdè Gẹ̀ẹ́sì. Èdè méjì kì í mú kí ọmọ pẹ́ sọ̀rọ̀. Ohun tí mo rí tó ń ṣe ìpalára ni kí òbí fi èdè tó mọ̀ dénú sílẹ̀, kí ó wá máa bá ọmọ sọ ìwọ̀nba Gẹ̀ẹ́sì tó jẹ́ pé àṣẹ nìkan ló kù nínú rẹ̀: "kọ́mù", "sídáùn", "sitọ́ọ̀pù". Èdè tí ẹ lè fi ṣàlàyé bí ọbẹ̀ ṣe ń hó ni kí ẹ bá ọmọ sọ. Bí ẹ bá sì ń ka ọ̀rọ̀ rẹ̀, ẹ ka ti èdè méjèèjì pọ̀.

Mo ṣèlérí iye ọ̀rọ̀. Nínú ìlànà tí àjọ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń rí sí ìdènà àrùn tún ṣe ní 2022, ọmọ oṣù 18 ń gbìyànjú láti sọ ọ̀rọ̀ mẹ́ta tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ yàtọ̀ sí màmá àti bàbá. Ọmọ oṣù 24 ń so ọ̀rọ̀ méjì pọ̀, ó kéré tán. Ọmọ oṣù 30 ń sọ ọ̀rọ̀ bíi 50. Ìwọ̀n tí ọ̀pọ̀ jù lọ ọmọ ń dé ni wọ́n kọ síbẹ̀, nítorí náà ọmọ tí kò bá dé e yẹ fún àyẹ̀wò, ẹ má ṣe máa sọ pé bàbá rẹ̀ náà pẹ́ sọ̀rọ̀. Ọmọ tí kò bojú wẹ̀yìn nígbà tí a pe orúkọ rẹ̀, ọmọ ọdún kan àbọ̀ tí kì í na ìka láti fi nǹkan hàn yín, àti ọmọ tó ti ń sọ̀rọ̀ tẹ́lẹ̀ tí ọ̀rọ̀ náà wá ń dínkù, ẹ má ṣe fi orin àti eré tọ́jú wọn nílé kí ẹ tó lọ sí ilé ìwòsàn. Etí ni kí wọ́n kọ́kọ́ yẹ̀ wò, nítorí pé ọmọ tó ń bojú wẹ̀yìn nígbà tí ilẹ̀kùn bá dún gbàmù lè máà gbọ́ ọ̀rọ̀ kedere.

Ní ti ọmọ aránṣọ wa, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta àkọ́kọ́ kọjá láìsí ọ̀rọ̀ tuntun kan. Ohun tó kọ́kọ́ yípadà ni pé ó bẹ̀rẹ̀ sí í fọhùn púpọ̀ nígbà ìwẹ̀, nítorí pé ó ti mọ̀ pé wọn yóò dá òun lóhùn. "Tó tó" ló ṣáájú, "gbì" tẹ̀ lé e, lẹ́yìn náà "bu mi". Nígbà tó pé oṣù 26, ìyá rẹ̀ gbé e wá, ewúrẹ́ kan sì ń jẹ koríko lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. Ó na ìka sí i, ó ní "mẹ́ẹ̀". Ìyá rẹ̀ kò sọ nǹkan kan, ó kàn ń wò ó. Ewúrẹ́ náà yà sẹ́yìn ilé. Ọmọ yíjú sí ìyá rẹ̀, ó ní, "Mẹ́ẹ̀ lọ."

"Ó ti lọ," ni ìyá wí. "Mẹ́ẹ̀ ti lọ sẹ́yìn ilé."